Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta Ọ̀rá, Kílò Kan

Ẹni tí òùngbẹ bá mú nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ní Òṣòdì kì í wá omi tì. Ọmọdékùnrin kan á gbé abọ́ karí, á sáré tẹ̀ lé ọkọ̀, á sì na ọ̀rá omi tútù kan sí i lójú fèrèsé. Ẹni náà á fi eyín já igun rẹ̀, á tu igun náà dànù, á fa omi mu, á sì ju ọ̀rá síta kí ọkọ̀ tó tún sún síwájú. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìgbà náà ni ìrìn àjò ọ̀rá ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn á gbá a lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹni tó ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù á gbá a sínú gọ́tà, níbẹ̀ ni yóò sì jókòó sí dé òjò.

Píọ́ wọtà kò pẹ́ púpọ̀ nílẹ̀ yìí. Àwọn tó ti dàgbà rántí ìgbà tí ife kan ṣoṣo ni oníomi tútù fi ń bu omi fún gbogbo ẹni tó bá kọjá, àti ìgbà tó yá tí wọ́n ń fi ọwọ́ so omi sínú ọ̀rá pẹlẹbẹ. Láàárín 1990 sí 2000 ni ẹ̀rọ tó ń rọ omi sínú ọ̀rá, tó sì ń fi iná lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀, gba ìgboro kan. Àjọ NAFDAC sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ lára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Ìdajì lítà omi ló wà nínú ẹyọ kan, ogún ẹyọ ló sì wà nínú àpò kan. Níbi tí omi ẹ̀rọ ìjọba kò ti yọ, òun ni omi mímu tí owó tálákà ká. Ìdí nìyí tí kò fi rọrùn láti sọ pé kí ìjọba kúkú fòfin dè é. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ fóòmù tí wọ́n fi ń di oúnjẹ ní oṣù Kínní ọdún 2024, olóúnjẹ lè padà sórí ewé tàbí kí oníbàárà mú abọ́ wá látilé. Ṣùgbọ́n kí ni awakọ̀ tó wà ní Òṣòdì lọ́sàn-án gangan yóò fi rọ́pò omi inú ọ̀rá? Bí ọ̀rá kò bá ní í kúrò nílẹ̀ láìpẹ́, ọ̀rọ̀ tó kù ni bí a ó ṣe máa kó o kí ó tó dé gọ́tà.

Kí a tó débẹ̀, ó yẹ kí a wo bí nǹkan tó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń dí ojú omi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìdọ̀tí máa ń kún gọ́tà bí ẹ̀wà ṣe ń kún ìkòkò ni, díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ títí yóò fi dé ẹnu. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Gọ́tà lè ṣófo ní ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, kó sì dí pátápátá ní ojú kan ṣoṣo. Ojú kan yẹn kì í ṣòro mọ̀. Ó lè jẹ́ ẹnu ihò tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì. Ó lè jẹ́ ibi tí páìpù omi àwọn onílé ti dábùú gọ́tà, nítorí ọ̀pọ̀ páìpù tó wọ ilé kan inú gọ́tà ló gbà kọjá. Ó sì lè jẹ́ abẹ́ pèpéle kọnkéré tí onílé dà kí mọ́tò rẹ̀ lè ráyè wọlé, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣí láti gbá abẹ́ rẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi ṣe ọ̀rá píọ́ wọtà fúyẹ́ ju omi lọ. Bí ó bá mọ́ tí ó sì ṣófo, orí omi ló máa ń léfòó sí, àgbàrá á sì máa gbé e lọ. Nígbà tó bá kan páìpù tó dábùú, omi á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára, á ká a mọ́ ọn bí aṣọ tútù ṣe ń lẹ̀ mọ́ ara. Ẹyọ kejì á dé, á lẹ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́. Irun àwọn onídìrí, okùn, ewé àti ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ra ata lọ́jà á wá há sáàárín wọn. Àwọn ọ̀rá mìíràn wà tí kò léfòó, nítorí pé iyanrìn ti gba ibi igun tí wọ́n fi eyín já wọ inú wọn. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń rì sí, bí àpò iyanrìn kéékèèké. Nípa báyìí, ọ̀rá ń dí gọ́tà láti òkè, ó sì ń dí i láti ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá tẹ́ ọ̀rá kan sílẹ̀, ó máa ń tó bí ínṣì márùn-ún sí méje. Gọ́tà àdúgbò sábà máa ń fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, gíga rẹ̀ náà sì máa ń súnmọ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì. Bí ẹnì kan bá to ọ̀rá sí ẹnu ihò gọ́tà bẹ́ẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò ní í tó ogún tí yóò fi bo gbogbo rẹ̀. Ogún ọ̀rá yẹn, ìyẹn àpò píọ́ wọtà kan ṣoṣo, kò wúwo ju bí gíráàmù 40 lọ. Ẹyin adìyẹ kan wúwo jù ú lọ.

Lóòótọ́, ọ̀rá ogún kì í déédéé to ara wọn sẹ́nu ihò. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí wọ́n dí i tán. Bí ọ̀rá bá ti dín ìṣàn omi kù, omi á dẹwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Omi tó ń sáré ló lè gbé iyanrìn. Èyí tó dẹwọ́ á jẹ́ kí iyanrìn rẹ̀ jókòó. Yẹ̀pẹ̀ ojú pópó tí a kò dá ọ̀dà sí á bẹ̀rẹ̀ sí í tò lẹ́yìn ọ̀rá, ìpele lórí ìpele. Láàárín òjò méjì sí mẹ́ta, ohun tó jẹ́ aṣọ ìkélé tẹ́lẹ̀ á di òkìtì, koríko á sì hù lórí rẹ̀. Àwọn tó wá kó gọ́tà á wá sọ pé yẹ̀pẹ̀ ló kún un. Wọn ò parọ́, ìdá tó pọ̀ jù nínú ohun tí ṣọ́bìrì wọn gbé jáde, yẹ̀pẹ̀ ni. Ẹni tó bá fara balẹ̀ tú òkìtì náà wò ni yóò rí ọ̀rá tó dá yẹ̀pẹ̀ dúró.

Ó yẹ kí a ṣe déédéé nínú ọ̀rọ̀ yìí. Odò Ògùnpa ya wọ ìgboro Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò tíì sí píọ́ wọtà nígbà náà. Àwọn tó kọ́lé sí etí odò àti ìdọ̀tí tí wọ́n ń dà sínú rẹ̀ ti wà kí ọ̀rá tó dé. Nígbà tí omíyalé mìíràn tún ṣọṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tí ó gbé afárá lọ tí ó sì pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, òjò ńlá àti ilé tó wà lójú ọ̀nà omi ló ṣíwájú nínú ohun tó fà á. Ẹni tó bá sọ pé bí a bá ti kó ọ̀rá tán, omíyalé dópin, kò sọ òtítọ́ tán. Òjò tó pọ̀ ju ohun tí wọ́n kọ́ gọ́tà fún yóò kún un dandan. Ohun tí ọ̀rá ń ṣe ni pé ó ń mú kí òjò kékeré máa ṣe bí òjò ńlá. Òjò wákàtí kan, tó yẹ kó ṣàn lọ jẹ́jẹ́, á wọ pálọ̀ onílé.

Ní Ákírà, olú-ìlú Gánà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń mu omi inú ọ̀rá bí tiwa, odò Odaw àti àwọn gọ́tà tó ń ṣàn sínú rẹ̀ ti kún fún ìdọ̀tí ike àti ọ̀rá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2015, òjò rọ̀, omi kò sì ríbi gbà ní agbègbè Kwame Nkrumah Circle. Àwọn tí òjò ká mọ́ ojú títì sá sí abẹ́ òrùlé ilé-epo kan. Epo dà lójú omi, iná ràn mọ́ ọn, ó sì bú gbàmù. Àwọn tó kú lé ní 150. Omi tó yẹ kó ti ṣàn lọ ló gbé iná kiri.

Ìbéèrè tó wá kù ni pé, kí ló dé tí ọ̀rá fi wà nílẹ̀ lọ jàra, nígbà tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí agolo nílẹ̀? Ní gbogbo ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn èèyàn wà tó ń fi àpò kọ́ ẹ̀yìn kiri, tí wọ́n ń ṣa irin, agolo, bàbà àti ike. Àwọn ọmọ bọ́ọ̀lá kì í fi agolo sílẹ̀ dé ọ̀sán. Wọ́n ń rí ọ̀rá, wọ́n sì ń gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Òṣùwọ̀n ló fà á. Kílò ni wọ́n fi ń ra gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Ike omi kékeré kan lè wúwo tó gíráàmù 15, nítorí náà bí 67 rẹ̀ ló máa pé kílò kan. Ọ̀rá píọ́ wọtà kò ju bí gíráàmù méjì lọ. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta rẹ̀ ni kílò kan. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìgbà 67 fún kílò ike gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà 500 fún kílò ọ̀rá. Kò sí ẹ̀yìn ènìyàn tó fẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àyàfi bí owó kílò ọ̀rá bá pọ̀ ju ti ike lọ ní ìlọ́po púpọ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀ lọ́jà.

Ohun kan náà tí kò jámọ́ nǹkan lórí òṣùwọ̀n ló di ògiri lẹ́nu gọ́tà. Ibẹ̀ ni ètò ìkó-ọ̀rá púpọ̀ ti ń kọsẹ̀, nítorí wọ́n ń sanwó ìwọ̀n fún ohun tí ìpalára rẹ̀ kò sí nínú ìwọ̀n.

Ọ̀kan nínú àwọn ètò tó tètè kọjú sí ọ̀rọ̀ yìí ni Wecyclers, tí Bilikiss Adébíyìí-Abíọ́lá dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2012, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà. Ohun tó wòye ni pé ọkọ̀ akólẹ̀ ńlá kò lè wọ ọ̀pọ̀ ojúlé ní àdúgbò tí títì rẹ̀ há. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n so àpótí ẹrù mọ́. Olókẹ̀kẹ́ á dé ẹnu ọ̀nà ilé ní ọjọ́ tí wọ́n fi àdéhùn sí, á wọn ike, agolo àti ọ̀rá píọ́ wọtà tí onílé ti kó jọ, onílé á sì gba àmì lórí kílò kọ̀ọ̀kan. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ló ń sọ iye àmì tó ní fún un, nígbà tó bá sì pọ̀ tó, ó lè fi gba owó ìpè, oúnjẹ tàbí ohun èlò ilé. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀bùn nìkan. Wọ́n gba ọ̀rá náà nínú ilé, kí ó tó jáde síta, nígbà tí ó ṣì mọ́.

Mímọ́ yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe mọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé ọ̀rá dé ilé-iṣẹ́ tó ń sọ ọ́ di nǹkan tuntun. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣà á, kí ike àti bébà má bàa wà nínú rẹ̀. Wọ́n á fọ̀ ọ́ nínú ọpọ́n omi ńlá, níbi tí ìwà ọ̀rá tó ń léfòó ti wúlò fún wọn: ọ̀rá á wà lókè, iyanrìn àti ègé ike omi á rì sísàlẹ̀, wọ́n á sì máa ré ọ̀rá lójú omi bí ẹni ń ré epo. Wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á yọ́ ọ nínú ẹ̀rọ gbígbóná, á jáde bí okùn gígùn, wọ́n á sì gé okùn náà sí hóró kéékèèké bí ìrẹsì. Hóró yìí ni àwọn tó ń ṣe ọ̀rá dúdú, ọ̀rá ìdalẹ̀nù àti rọ́bà ìfàmi ń rà. Kò tún lè padà di ọ̀rá omi mímu.

Ọ̀rá tó ti inú gọ́tà jáde ń ba gbogbo ìpele yìí jẹ́. Ẹrẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn nínú àti lóde. Kílò kan rẹ̀ tí wọ́n rà lè má ju ìdajì kílò ọ̀rá lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán. Omi, iyanrìn àti òórùn ló kù. Iyanrìn tó bá ṣẹ́ kù sì ń jẹ ọ̀bẹ ẹ̀rọ. Nítorí náà, ẹni tó ń rà á á gé owó, tàbí kó má tilẹ̀ rà á rárá. Àwọn tó ń tà á mọ̀ bẹ́ẹ̀ náà, òmíràn á sì rọ omi sí àpò kí ó lè wúwo. Olùrà tó gbọ́n kì í wo òṣùwọ̀n nìkan. Á ki ọwọ́ bọ àárín àpò, á fún ọ̀rá tó wà níbẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ. Bí omi bá jáde, á ní kí wọ́n lọ sá a kí wọ́n tó mú un padà wá. Ètò tó bá ń sọ pé òun yóò kó ọ̀rá láti inú gọ́tà kí òun fi tà, ó ti gbé ìdajì ìṣirò rẹ̀ sínú omi. Kíkó ọ̀rá inú gọ́tà jẹ́ ìmọ́tótó, ìjọba ló yẹ kó sanwó rẹ̀ bí ó ṣe ń sanwó gbígbá títì. Òwò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lókè gọ́tà.

Wọ́n ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn ní Ákírà. Láti 2007 ni ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Trashy Bags ti ń ra ọ̀rá omi lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣà á, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń rán an pọ̀ sí báàgì, pọ́ọ̀sì àti irú àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dára ni, ó sì ń jẹ́ kí ọ̀rá kan níye lórí ju bó ṣe rí lórí òṣùwọ̀n lọ. Ṣùgbọ́n báàgì mélòó ni ènìyàn kan fẹ́ rà? Omi ojoojúmọ́ ìlú ńlá pọ̀ ju ohun tí abẹ́rẹ́ àti òwú lè tán lọ. Ọ̀rá tó pọ̀ jù lọ ṣì gbọ́dọ̀ gba ojú iná.

Níbo wá ni ọ̀rá mímọ́ pọ̀ sí ní ojú kan? Kì í ṣe nínú ilé ní pàtàkì. Ibùdókọ̀, ọjà, ilé ẹ̀kọ́, gbọ̀ngàn ìnáwó, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ni. Ẹ jẹ́ kí a mú ibùdókọ̀ kan, kí a fi ṣírò. Ká ní àwọn oníomi tó wà níbẹ̀ ń ta àpò 60 lójúmọ́. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rá 1,200, tó wúwo tó kílò 2.4. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà, ọ̀rá ọ̀sẹ̀ kan á jẹ́ kílò 14 àti díẹ̀. Ká tún ní olùrà ń san 200 náírà lórí kílò ọ̀rá tó mọ́, kìkì fún àpẹẹrẹ. Owó ọ̀sẹ̀ kan kò pé 3,000 náírà. Ẹ wo bí ó ti kéré tó. Kò lè san owó iṣẹ́ ẹnì kan fún odindi ọ̀sẹ̀, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti epo ọkọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, ọ̀rá tó lé ní 7,000 ló jáde láti ibùdókọ̀ yẹn, ogún péré sì tó láti bo ẹnu ihò gọ́tà kan.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ìṣirò yìí gún gbọ́dọ̀ wá owó méjì mọ́ ti ìwọ̀n. Àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ tó ń bọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ píọ́ wọtà ń dé ibùdókọ̀ náà lójoojúmọ́, ó ń kún wá, ó sì ń ṣófo padà. Àpò ńlá tí wọ́n fi di ogún omi pọ̀, èyí tí oníomi ń ya dànù, gan-an ló yẹ kó di àpò ìkó-ọ̀rá. Bí oníomi bá tú àpò kan láti ẹnu rẹ̀ dípò kí ó fà á ya, ó lè so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ kúlà rẹ̀, kí àwọn tó mu omi níbẹ̀ máa sọ ọ̀rá wọn sínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ omi bá dé lọ́jọ́ kejì, á já omi tuntun, á sì gbé ọ̀rá àná. Ìrìn ọkọ̀ tí a kò san owó tuntun lé lórí nìyí, òun sì ni ìnáwó tó ń pa ọ̀pọ̀ ètò bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọ̀rá fúyẹ́ ṣùgbọ́n ó ń gba àyè. Ọ̀rá tí wọ́n kàn rọ́ sínú àpò á kún ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ó tó wúwo tó ọmọ ọwọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ da omi inú rẹ̀ nù, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, kí wọ́n tò ó ní ọgọ́ọ̀rún kí wọ́n sì dè é. Títò yìí ń gba àkókò, ó sì yẹ kí ẹni tó ń ṣe é rí nǹkan gbà. Ó tún ní àǹfààní mìíràn: ọ̀rá tí wọ́n bá dè ní ọgọ́ọ̀rún ṣeé kà, wọn kò ní í nílò òṣùwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni ìjà omi àti iyanrìn inú àpò á dópin.

Owó kejì gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ ẹni tó ń ṣe ọ̀rá wá. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ta ohun mímu inú ike ti ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní FBRA, tí wọ́n fi ń dá owó jọ kí wọ́n lè ṣètò bí ike yóò ṣe padà. Píọ́ wọtà yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó wà lẹ́yìnkùlé kiri ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe é, ẹ̀rọ méjì, kànga kan àti ọkọ̀ àlòkù. Òfin tó bá ní kí oníkálukú wá kó ọ̀rá tirẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀rá ogún orúkọ ló wà nínú gọ́tà kan. Ohun tó rọrùn ni kí wọ́n gba owó náà níbi tí wọ́n ti ń ra ọ̀rá. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fẹ ọ̀rá, tó ń tẹ orúkọ sí i lára, tó sì ń tà á ní ìdì ńlá fún onípíọ́ wọtà kò pọ̀ bí àwọn onípíọ́ wọtà fúnra wọn. Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tà á níbẹ̀ náà. Ká ní wọ́n fi 500 náírà lé orí kílò ọ̀rá tuntun. Náírà kan ni ìyẹn lórí ẹyọ omi kan, ogún náírà lórí àpò kan. Fún ibùdókọ̀ tí a mú ṣàpẹẹrẹ, 1,200 náírà ni lójúmọ́, 7,200 ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí a bá fi kún owó tí olùrà ń san, ó ti lé ní 10,000 náírà. Ó ti wá di ohun tí oníomi méjì tàbí mẹ́ta lè pín tí wọ́n á sì rí i pé ó tọ́ sí wọn láti so àpò mọ́ kúlà.

Irú owó bẹ́ẹ̀ lè sọnù sápò ìjọba, kó má sì dé ibùdókọ̀ láéláé. Bí wọn kò bá yà á sọ́tọ̀, kí wọ́n san án ní tààrà fún iye ọ̀rá tó padà, orúkọ rẹ̀ á di owó orí lásán, omi á sì wọ́n fún aláìní láìsí ìyípadà kankan nínú gọ́tà. Kò sí ìlànà ìkó-ọ̀rá tó ń kú kíákíá tó èyí tí àwọn tó kó ọ̀rá jọ kò rí owó wọn gbà lákòókò. Bí ọkọ̀ bá yẹ ọjọ́ àdéhùn ní ẹ̀ẹ̀mejì, àpò á kún, ẹnì kan á dáná sun ún tàbí kí ó dà á sínú gọ́tà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rá 7,000 á sì wọ omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí burú ju kí wọ́n má kó o jọ rárá.

Àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n kúkú fi asẹ́ irin sí ẹnu gọ́tà kí ó máa dá ọ̀rá dúró. Ó dára níbi tí ẹnì kan yóò ti máa kó iwájú asẹ́ náà lẹ́yìn gbogbo òjò. Níbi tí kò bá ti sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, asẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò di páìpù tó dábùú tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, omi á sì ya sójú títì. Gbogbo ẹni tó bá ṣe sanitéṣàn Sátidé ìparí oṣù ní Èkó kí ìjọba tó dá ìséde rẹ̀ dúró ní 2016 yóò rántí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kó ẹrẹ̀ àti ọ̀rá jáde láti àárọ̀, wọ́n á sì kó o lé etí gọ́tà kí ó gbẹ. Bí ọkọ̀ akólẹ̀ kò bá tètè dé, òjò ọjọ́ Mọ́ńdè á dá gbogbo rẹ̀ padà.

Bí àdúgbò kan bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò tó wà lọ́dọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n má wo iye kílò tí wọ́n kọ sínú ìwé, nítorí ike lè gbé kílò náà ga kí ọ̀rá má sì dín. Kí wọ́n yan ihò gọ́tà kan, èyí tí ọ̀rá sábà máa ń há sí jù lọ, kí wọ́n kó o mọ́ tónítóní, kí wọ́n sì padà wá ka ọ̀rá tó wà níbẹ̀ lẹ́yìn òjò mẹ́ta. Kí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ní ihò kan náà. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè kà á.

Ìgbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kejì, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ sí, oòrùn ń mú, àwọn ènìyàn sì ń mu omi tútù ju ti ìgbàkígbà lọ. Ọ̀rá oṣù mẹ́rin yẹn kò rí omi tí yóò gbé e, inú gọ́tà gbígbẹ ló ń tò jọ sí, ní gbígbẹ, ó sì ṣì ṣeé fi ọwọ́ kó láìsí ẹrẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ oṣù Kẹta ló ń gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ sí ẹnu ihò tó kọ́kọ́ bá pàdé. Ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ máa ń dúró de oṣù Karùn-ún tàbí Ìkẹfà kí wọ́n tó rán àwọn tó ń kó gọ́tà jáde, nígbà tí ọ̀rá ti wà lábẹ́ yẹ̀pẹ̀ tó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Iṣẹ́ tí ẹni méjì ìbá fi àpò àti ọ̀pá ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kínní ló wá di iṣẹ́ ṣọ́bìrì, ọkọ̀ àti ọ̀sẹ̀ kan.